Òórùn Ẹnu Tí Orín àti Búrọ́ọ̀ṣì Ò Kápá

Ẹni tó ń ta àgbo lọ́jà, ẹni tó ń polówó oògùn nínú ọkọ̀, àti ìyá àgbà tó jókòó sílé, ohùn wọn máa ń ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ ẹnu tó ń rùn: inú ló dọ̀tí. Ẹni tó fọ eyín láàárọ̀, tó tún fọ̀ ọ́ lálẹ́, tó rún orín ata mọ́ ọn, tí òórùn náà ò sì lọ, wọ́n á ní kó lọ fọ inú. Á mu àgbo jẹ̀dí, á yàgbẹ́ títí tí ara ẹ̀ á fi rọ jọwọrọ, nígbà tó bá sì máa fi di ọjọ́ kẹta, òórùn ti padà sí àyè ẹ̀.

Inú kọ́ ló sábà máa ń fà á. Ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà wọ ikùn kì í là sílẹ̀ gbayawu. Ńṣe ló máa ń pa dé, kì í ṣí àfi tí èèyàn bá gbé nǹkan mì, tó bá gùnfẹ̀, tàbí tó bá ń bì. Afẹ́fẹ́ inú ikùn ò lè máa gba ibẹ̀ jáde sẹ́nu láti àárọ̀ dalẹ́. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ẹnu wọn ń rùn lóòótọ́, bí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló jẹ́ pé inú ẹnu gan-an lòórùn náà ti ń wá. Àwọn tó kù, imú, ọ̀fun, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ẹ̀jẹ̀ ni tiwọn ti ń wá, ti ikùn ò sì tó nǹkan láàárín wọn. Nítorí náà, kó tó kan ọ̀rọ̀ oògùn, ó yẹ kéèyàn mọ ibi tí òórùn náà ń gbà jáde.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mọ̀ ọ́n rọrùn, àmọ́ ó gba ẹlòmíì, nítorí imú máa ń mọ́ òórùn ara ẹni lára débi tí kò ní gbọ́ ọ mọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á wá ẹnì kan tí kò ní purọ́ fún un, bóyá ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ ìyá. Á kọ́kọ́ pa ẹnu dé, á fi imú nìkan mí jáde, ẹnì kejì á sì gbóòórùn rẹ̀ nítòsí. Lẹ́yìn náà á fi ìka fún imú pa, á dá mímí dúró díẹ̀, á wá fi ẹnu mí jáde. Bó bá jẹ́ ẹnu nìkan ló ń rùn, inú ẹnu tàbí ọ̀fun ni kí wọ́n wò. Bó bá jẹ́ imú nìkan, dókítà imú lọ̀rọ̀ kàn. Bí méjèèjì bá ń rùn bákan náà, a jẹ́ pé òórùn ọ̀hún ń bá èémí bọ̀ láti inú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ ló sì lè gbé e débẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ò wọ́pọ̀, àmọ́ òun gan-an ni kò yẹ kí wọ́n fi falẹ̀.

Ohun tó ń rùn nínú ẹnu, wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Joseph Tonzetich, olùwádìí ní Yunifásítì British Columbia ní Kánádà, fi ẹ̀rọ yẹ èémí ẹnu wò, ó sì rí i pé àwọn gáàsì tó ní imí ọjọ́ nínú ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ló ń mú ẹyin ọ̀bu rùn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ ló ń ṣe gáàsì wọ̀nyí. Oúnjẹ tó há sáàárín eyín, awọ ẹnu tó ti bó, ẹ̀jẹ̀, ikun tó ṣàn wá láti ẹ̀yìn imú, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Ibi tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ẹ̀yìn ahọ́n lọ́hùn-ún, nítorí ojú ahọ́n rí gàkugàku bí ojú táwẹ̀lì, ìdọ̀tí sì máa ń há sínú ẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú eyín ò débẹ̀. Àwọn tó máa ń la pákò sí méjì kí wọ́n fi ha ahọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, bí wọ́n bá ń ha á dé ẹ̀yìn.

Ibùgbé kejì tí àwọn kòkòrò yìí ní ni abẹ́ ẹran ìdí eyín. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti òórùn nìkan.

Ẹ jẹ́ ká mú irú ẹni tí àwọn dókítà eyín máa ń rí déédéé: baálé ilé kan, oníṣòwò pákó, tó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ó ń fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, súìtì mẹ́ńtì kì í sì í wọ́n nínú àpò rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó bá ń bá wọn ná ọjà. Ìyàwó rẹ̀ ló fìgboyà sọ ọ́: "Bàbá Ṣèyí, ẹ má bínú sí mi o. Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà eyín nítorí ẹnu yín."

Ohun tí dókítà náà kọ́kọ́ bi í ni pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde bí ẹ bá ń fọ eyín?"

"Ó ti pẹ́ tó ti ń jáde, dókítà. Búrọ́ọ̀ṣì ló le jù. Mi ò kì ń jẹ́ kó kan ìdí eyín mọ́."

Ìdáhùn yẹn ti tú àṣírí púpọ̀. Ẹran ìdí eyín tí ara rẹ̀ le kì í ṣẹ̀jẹ̀ nítorí búrọ́ọ̀ṣì. Ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ìdí eyín ló ń bí i nínú tó fi wú, tó fi ń ṣẹ̀jẹ̀, bí èèyàn bá sì wá yẹra fún ibẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀, ńṣe ni ìdọ̀tí náà á máa pọ̀ sí i. Tó bá pẹ́, á le gbagidi mọ́ eyín, kò sí búrọ́ọ̀ṣì tàbí pákò tó lè ṣí i kúrò mọ́. Ẹran náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya kúrò lára eyín, àlàfo á sì ṣí sílẹ̀ láàárín wọn. Àlàfo yẹn ni àwọn kòkòrò tí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ ń kó sí. Wọ́n ń rí ẹ̀jẹ̀ jẹ níbẹ̀, wọ́n ń tú gáàsì jáde, egungun tó di eyín mú sì ń jẹrà díẹ̀díẹ̀. Kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni, ìyẹn ló jẹ́ kó burú. Ọ̀pọ̀ ò ní mọ̀ pé nǹkan ń ṣe àwọn àfi ìgbà tí eyín bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Dókítà náà mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní àmì ìwọ̀n lára, ó rọra ń tì í bọ àárín eyín àti ẹran, ibi mẹ́fà lára eyín kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ara rẹ̀ bá dá, irin náà kì í wọlé ju mìlímítà kan sí mẹ́ta lọ. Lẹ́nu bàbá yìí, àwọn eyín ẹ̀yìn gba mìlímítà mẹ́fà sí méje, ẹ̀jẹ̀ sì ń tẹ̀ lé irin náà jáde. Búrọ́ọ̀ṣì tó dára jù lọ lágbàáyé ò lè wọ ibi tó jìn tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ dókítà náà ò dúró síbẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé bàbá gbé ìgò omi ńlá dání, ó sì béèrè iye ìgbà tó máa ń jí tọ̀ lóru. Ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀, ó rò pé àgbà ló dé. Dókítà ní kó lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò láàárọ̀ kó tó fẹnu kan nǹkan. Nígbà tí èsì dé, 214 ló gbà, bẹ́ẹ̀ tó bá ti dé 126 láìjẹun, àtọ̀gbẹ ni wọ́n ń pè é. Báyìí ni ọkùnrin tó wá nítorí òórùn ẹnu ṣe mọ̀ pé òun ní ìtọ̀ ṣúgà.

Irú èyí kì í ṣe kòńgẹ́ lásán. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń dín agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà kù, àrùn ìdí eyín á sì yára burú. Àrùn ìdí eyín náà, nígbà tí tiẹ̀ bá le, máa ń jẹ́ kó ṣòro láti kápá ṣúgà. Àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe léraléra fi hàn pé bí wọ́n bá tọ́jú ìdí eyín alátọ̀gbẹ dáadáa, ṣúgà rẹ̀ máa ń wálẹ̀ díẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Díẹ̀ ni o, kò lè rọ́pò oògùn. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí ẹran ìdí eyín rẹ̀ ń wú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ṣáá, tí òùngbẹ sì ń gbẹ, ó yẹ kó yẹ ṣúgà wò kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ìtọ́jú tí wọ́n ṣe fún bàbá Ṣèyí ni pé wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora lára, wọ́n sì ha gbogbo ìdọ̀tí líle tó wà lójú eyín àti lábẹ́ ẹran kúrò, apá kan lónìí, apá kejì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn bí oṣù méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tún wọn àlàfo náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé tí dókítà bá fọ eyín fúnni, eyín á fẹ̀, á sì máa mì. Ohun tí wọ́n rí jẹ́ òótọ́, ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni ò tọ̀nà. Nígbà tí ẹran tó ti wú bá fò, ó máa ń sún sókè, eyín á dà bíi pé ó gùn sí i, omi tútù á máa ta á. Ìdọ̀tí líle tó sì ti kún àárín eyín tẹ́lẹ̀ ti kúrò, àlàfo tó wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí á wá hàn. Egungun tó ti jẹrà lọ kì í fi bẹ́ẹ̀ hù padà. Ìdí nìyẹn tó fi dára kéèyàn lọ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, kí àlàfo tó jìn débi tí wọ́n á fi ní láti la ẹran.

Ẹnu gbígbẹ tún jẹ́ orísun òórùn. Itọ́ tó ń sun lẹ́nu àgbàlagbà lójúmọ́ tó nǹkan bí ìdajì lítà sí lítà kan àbọ̀, òun ló ń ṣan kòkòrò lọ. Lóru itọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sun rárá, ìyẹn ló fà á tí ẹnu gbogbo èèyàn fi ń rùn láàárọ̀. Aláàwẹ̀ náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Kò sí Mùsùlùmí tí kò tíì gbọ́ pé òórùn ẹnu aláàwẹ̀ dára lọ́dọ̀ Ọlọ́run ju mísíkì lọ. Irú àwọn òórùn wọ̀nyí máa ń lọ tí èèyàn bá ti jẹun tàbí mumi. Èyí tí kì í lọ, oògùn ló sábà máa ń fà á: oògùn ara yíyún tó ń mú ni sùn, àwọn oògùn ìbànújẹ́ ọkàn kan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀ gan-an. Àgbàlagbà tó ń lo mẹ́rin tàbí márùn-ún pọ̀ lójúmọ́, tí kò lè jẹ búrẹ́dì láìmu omi sí i, ó yẹ kó kó gbogbo oògùn rẹ̀ lọ fún dókítà wò. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró nítorí òórùn ẹnu.

Bó bá jẹ́ imú ni òórùn ń gbà jáde, ọ̀rọ̀ ọmọdé ló yẹ ká kọ́kọ́ sọ. Ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin kan ń rùn gan-an, ìyá rẹ̀ sì rò pé ẹnu ni. Ihò imú kan ṣoṣo ló ń dà, ikun rẹ̀ nípọn, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí ó ní àwọ̀ ewé, ẹ̀jẹ̀ lè yí i. Wọ́n fún un ní oògùn, ó gbẹ, ó tún padà. Kí wọ́n mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú ihò yẹn: ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀pà, hóró àgbàdo, tàbí fóòmù tí ọmọ yọ lára bẹ́ẹ̀dì. Fóòmù ló máa ń rùn jù nítorí ó ń fa omi mu. Ọ̀tútù máa ń mú kí ihò méjèèjì dà, nítorí náà, bó bá jẹ́ ihò kan ṣoṣo, kí wọ́n má fi owó ra oògùn ọ̀tútù. Kí wọ́n má sì ti ìka tàbí irin bọ̀ ọ́, nítorí wọ́n lè tì í lọ sẹ́yìn. Dókítà imú á fi ìkọ́ kékeré yọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú, òórùn náà á sì tán. Bátìrì aago kékeré nìkan ni kì í dúró de ọ̀la. Ó lè jó ẹran imú títí á fi lu láàárín wákàtí mélòó kan.

Lára àgbàlagbà, ihò imú kan tó ń rùn lè jẹ́ láti eyín òkè tó ti jẹrà, nítorí gbòǹgbò àwọn eyín ẹ̀yìn òkè sún mọ́ ihò afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni yẹn lè ti jẹ oògùn imú fún oṣù mẹ́fà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wo eyín rẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá a jáde tàbí tí ojú ẹ̀gbẹ́ yẹn ń wú, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kókó àìdáa ni. Nǹkan funfun kékeré tó ń bọ́ láti inú tọ́ńsùlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́lúbẹ́lú, tó ń rùn bí wọ́n bá fìka tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe àrùn tó léwu. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ń rùn pẹ̀lú ibà àti ara tó ń gbẹ ní tirẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ya fọ́tò àyà.

Òórùn tó ń bá ẹ̀jẹ̀ wá yàtọ̀ sí ti ẹnu. Nínú wọn, èyí tí gbogbo ilé tí alátọ̀gbẹ wà gbọ́dọ̀ mọ̀ ni òórùn dídùn bíi ti èso tó ti pọ́n jù, tàbí bíi ti omi tí àwọn obìnrin fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò léèékánná. Bí ínsúlínì bá wọ́n nínú ara, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀ ṣùgbọ́n ara ò ní lè lò ó. Ọ̀rá ni ara á máa jó dípò ṣúgà, ásítóònù sì wà lára ohun tó máa ń jáde nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á kan bí ọtí kíkan. Ẹni náà á máa mu omi, á máa tọ̀, inú á máa run ún, á máa bì, á máa mí kíákíá, mímí rẹ̀ á sì jinlẹ̀ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré, lẹ́yìn náà oorun á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Ọmọdé tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó ní àtọ̀gbẹ lè fi èyí bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa tọ́jú ibà títí ẹ̀pa ò fi ní bóró mọ́. Ọsibítù ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àárọ̀ ọ̀la. Gbogbo imú kọ́ ló ń gbọ́ òórùn ásítóònù, nítorí náà, bí àwọn àmì tó kù bá pé, kí wọ́n má dúró de òórùn.

Nígbà tí kíndìnrín bá ti ń kọṣẹ́, ẹnu lè máa rùn bí ìtọ̀, kó sì máa korò. Ohun tó yẹ kí kíndìnrín tú dànù sínú ìtọ̀ ló ń bá itọ́ jáde, tí kòkòrò ẹnu sì ń sọ di àmóníà. Àmọ́ kí òórùn yìí tó dé, àrùn náà ti rìn jìnnà: ẹsẹ̀ á ti máa wú, ara á máa yún, oúnjẹ ò ní wù ú jẹ. Ti ẹ̀dọ̀ tó ti bàjẹ́ máa ń dùn díẹ̀, ó sì tún máa ń dà bí ohun tó bu. Àwọn òórùn wọ̀nyí kì í ṣáájú àrùn. Wọ́n máa ń bá a dé nígbà tó ti le.

Ó tún ṣẹlẹ̀ pé ara èèyàn dá ṣáṣá, kí òórùn sì máa tinú ẹ̀jẹ̀ wá. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí tó ní olú wọn ní Nijmegen, ní Nẹ́dálàńdì, kọ̀wé nípa àwọn ìdílé kan tí èémí wọn ń rùn bíi kábéèjì sísè láti kékeré. Wọ́n rí àléébù nínú jíìnì kan tó yẹ kó máa bá ara fọ́ ọ̀kan nínú àwọn gáàsì imí ọjọ́ wọ̀nyẹn túútúú. Búrọ́ọ̀ṣì kankan ò lè dé ibẹ̀.

Òórùn ẹnu ọmọdé tún ní ọ̀kan tó burú jù gbogbo èyí lọ, ìyẹn nómà. Oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sínú ìwé àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí wọ́n pa tì. Ìhà àríwá ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà ló ti wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ wa, Ṣókótó sì ní ilé ìwòsàn tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ọmọ ọdún méjì sí mẹ́fà tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ èéyi tàbí ibà, ló máa ń mú. Ẹran ìdí eyín ọmọ náà á pọ́n, á ṣẹ̀jẹ̀, egbò á yọ níbẹ̀, ẹnu á sì máa rùn gan-an. Ní ìpele yìí, oògùn kòkòrò tí ó wà ní ọsibítù èyíkéyìí, fífọ ẹnu, àti oúnjẹ aṣaralóore lè dá a dúró. Tí wọ́n bá fi ọjọ́ díẹ̀ ṣòfò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, á dúdú, á sì lu. Àgbàlagbà tí ẹran ìdí eyín rẹ̀ ṣàdédé ń ro ó, tó ní egbò tó ṣú bí eérú, tó sì ń rùn lójijì, dókítà á ní kó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún kòkòrò éèdì.

Àwọn kan tún wà tí ẹnu wọn ò rùn rárá. Bí ẹnì kan bá fọwọ́ kan imú nínú ọkọ̀, wọ́n gbà pé tiwọn ni. Wọ́n ti fi ìgò omi ìfọnu mélòó kan tán, àwọn míì ti yọ eyín tó dá pé kó lè dẹ́kun. Kí dókítà lè mọ̀, á ní kí wọ́n má jẹ àlùbọ́sà àti aáyù láti àná, kí wọ́n má fín lọ́fínńdà, kí wọ́n má tíì fọ eyín láàárọ̀ ọjọ́ náà, á wá fi imú ara rẹ̀ gbóòórùn wọn, á sì fún un ní máàkì láti òdo sí márùn-ún. Tó bá jẹ́ òdo ni, tí ará ilé náà sì jẹ́rìí sí i, ìbẹ̀rù ọ̀hún gan-an ni wọ́n á tọ́jú. Iṣẹ́ dókítà ọpọlọ nìyẹn, kì í ṣe ti dókítà eyín.